Kí Ló Dé Tí Awò Awọ̀nàjínjìn Kò Fi Lè Rí Àsíá Orí Òṣùpá?

Ní oṣù Keje ọdún 1969, Neil Armstrong àti Buzz Aldrin gúnlẹ̀ sí orí òṣùpá. Títí di oṣù Kejìlá ọdún 1972, ìgbà mẹ́fà ni àwọn ará Amẹ́ríkà gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n sì fi apá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ wọn sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan kò ti tán lẹ́nu àwọn ènìyàn: bí òótọ́ bá ni pé wọ́n dé ibẹ̀, kí ló dé tí awò awọ̀nàjínjìn tí ń rí ìràwọ̀ ọ̀nà jínjìn kò lè fi àsíá wọn hàn wá?

Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ó yẹ kí a dá a lóhùn, kí a má fi ẹni tí ó bèèrè ṣẹ̀sín. Ohun tí ó jọni lójú ni pé ìdáhùn rẹ̀ ti wà nínú ìwé láti ọdún 1835, ọdún 134 kí Armstrong tó gúnlẹ̀.

Láyé àtijọ́, èrò àwọn tí ń wo ojú ọ̀run ni pé bí ènìyàn bá ti lè mú àwòrán tóbi sí i, yóò máa rí ohun kékeré sí i ni. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kọ̀ láti gbọ́ràn. Bí wọ́n bá mú un tóbi púpọ̀, ńṣe ni ó máa ń dà bí owó ẹyọ kékeré kan tí ó rí roboto, tí òrùka ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ sì yí i ká. William Herschel, ẹni tí ó ṣàwárí pílánẹ́ẹ̀tì Úránọ́ọ̀sì, mọ̀ pé roboto yìí kì í ṣe ara ìràwọ̀ gan-an. Ohun tí ó fi í hàn bẹ́ẹ̀ rọrùn: bí a bá bo apá kan ẹnu awò kí ó lè kéré sí i, ńṣe ni roboto náà ń tóbi sí i. Bí ó bá jẹ́ ara ìràwọ̀ ni, kí ló kan ìràwọ̀ nínú ohun tí a fi bo ẹnu awò?

George Airy, onímọ̀ ìṣirò ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà náà, àwọn onímọ̀ ti gbà pé ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Ẹ wo bí ìgbì omi ṣe ń ṣe nígbà tí ó bá gba àlàfo tóóró kan kọjá: kì í lọ tààrà mọ́, ó máa ń fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí àlàfo náà bá ṣe tóóró tó ni yóò ṣe fẹ̀ tó. Bákan náà ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń fẹ̀ nígbà tí ó bá gba ẹnu awò wọlé. Airy ṣírò ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹnu náà bá rí roboto, ó sì rí i pé ojú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo kò lè fi àmì ṣóńṣó hàn láé. Roboto kan ni yóò hàn, òrùka dúdú ni yóò yí i ká, òrùka ìmọ́lẹ̀ yóò sì tẹ̀lé e. Igun tí ó wà láti àárín roboto náà dé òrùka dúdú àkọ́kọ́ ni a ń kọ báyìí:

θ = 1.22 λ/D

λ ni gígùn ìgbì ìmọ́lẹ̀, D sì ni fífẹ̀ ẹnu awò. Ẹ kíyè sí i pé kò sí iye ìgbà tí awò ń mú nǹkan tóbi nínú rẹ̀ rárá. Bí a bá tún mú àwòrán tóbi sí i, roboto náà nìkan ni yóò tóbi.

Ó kù kí a mọ ìgbà tí a lè sọ pé ohun méjì ni a ń rí, kì í ṣe ọ̀kan. Lord Rayleigh fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 1879: kí àárín roboto èkínní bọ́ sí orí òrùka dúdú ti èkejì. Ní ibẹ̀, ìmọ́lẹ̀ àárín àwọn méjèèjì ti rẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin kan, ojú sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Bí wọ́n bá sún mọ́ra gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò dà pọ̀ di ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi èyí wọn òṣùpá. Ó jìnnà sí wa ní nǹkan bí 384,400 kìlómítà. Ìgbì ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí dáadáa jùlọ gùn ní ìdá 0.00055 mílímítà. Bí a bá ti fi 1.22 àti jíjìnnà òṣùpá sọ ọ́ di púpọ̀, ohun tí a ó rí ni 258, tí a ó máa fi fífẹ̀ ẹnu awò pín, ní mítà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú tiwa. Ọmọlójú wa lọ́sàn-án máa ń fẹ̀ tó mílímítà 3. Ẹ pín 258 sí 0.003, kìlómítà 86 ni. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá fi ń hàn sí wa bí ìràwé dúdú àti funfun nìkan. Lálẹ́, ọmọlójú máa ń fẹ̀ sí i, ìṣirò sì ní kí ojú mú sí i, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀, nítorí àléébù etí lẹ́ńsì ojú máa ń da àwòrán rú.

Awò Hubble, tí ó wà ní òfuurufú láti ọdún 1990, ní dígí tí ó fẹ̀ ní mítà 2.4. Ẹ pín 258 sí i, mítà 107 ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó pápá bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ kò gbà ju bíi mítà 9 lọ. Láti rí i gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ní ìrísí, awò tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní bíi mítà 29 ni a nílò. Àsíá tí ó gùn ní mítà kan àtààbọ̀ yóò gba awò oní mítà 172, bẹ́ẹ̀ awò ńlá tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní Ṣílè jẹ́ mítà 39.

Awò orí ilẹ̀ tún ní ọ̀tá mìíràn: afẹ́fẹ́. Ó máa ń gbọ̀n, ó sì ń da àwòrán rú. Ẹni tí ó bá wo ìràwọ̀ lè mọ èyí tí ó ń dí i lọ́wọ́. Bí roboto bá dúró jẹ́ẹ́ pẹ̀lú òrùka rẹ̀, ẹnu awò ni ó ti dé òpin. Bí ó bá ń hó bí omi gbígbóná, afẹ́fẹ́ ni.

Níwọ̀n bí a kò ti lè mú ẹnu awò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù ni kí a dín jíjìnnà kù. Ohun tí wọ́n sì ṣe nìyẹn. Ní ọdún 2009, Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ LRO lọ láti máa yí òṣùpá po, tí kò jìnnà sí ilẹ̀ rẹ̀ ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ. Kámẹ́rà rẹ̀ kéré gan-an sí Hubble, síbẹ̀ ó ya apá ìsàlẹ̀ àwọn ọkọ̀ náà pẹ̀lú òjìji wọn, àti ipa ẹsẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi sílẹ̀ nínú eruku. Ẹni tí ó bá tún bèèrè àsíá lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ pín 258.