Ìtòlẹ́sẹẹsẹ Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́: Àpẹẹrẹ Iṣẹ́ Télọ̀ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Àkókó

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ẹ̀kọ́ ni ètò tí ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ ṣe lórí ohun tí ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ kọ́, ohun tí yóò tẹ̀ lé e, àti ohun tí yóò gbẹ̀yìn, kí ẹ̀kọ́ àná lè máa gbé tòní ró. Kò sí iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, yálà ti wẹ́dà ni o tàbí ti onídìrí. Iṣẹ́ télọ̀ ni àyọkà yìí yóò gùn lé. Iṣẹ́ náà wọ́pọ̀ ní Ìkàrẹ́, níbi tí orílé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá-Ìlà-Oòrùn Àkókó wà, àti ní Ọ̀kà, tó jẹ́ orílé-iṣẹ́ ti Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Àkókó. Ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì ya ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lẹ́nu, torí pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí oníbàárà bá gbé aṣọ wá, ọ̀gá á kọ́kọ́ wọn oníbàárà náà, á gé aṣọ, á rán an, á ṣẹ́ etí rẹ̀, á gbẹ́ ihò bọ́tìnì, á sì lọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò ní fọwọ́ kan àlùmọ́gàjí. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọn yóò kó fún un kó máa fi gbé bọ́tìnì, kó máa fi ṣẹ́ etí aṣọ tí ẹlòmíràn ti rán, kó sì máa tú ojú ibi tí ẹlòmíràn rán bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ló tó kan máṣíìnì. Gígé ló gbẹ̀yìn, ó sì lè pẹ́ kó tó dé ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n rí ní Monrófíà

Kì í ṣe Àkókó nìkan ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín 1973 sí 1978, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Jean Lave, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, lọ sí Monrófíà, olú-ìlú Làìbéríà, nígbà bíi mélòó kan láti wo bí àwọn télọ̀ Fáì àti Gólà ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́. Ọkùnrin ni àwọn télọ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ojú ara wọn sì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Lave rí i pé ètò méjì ló ń lọ pọ̀. Èkíní ni ti irú aṣọ: fìlà àti àwọ̀tẹ́lẹ̀ ọmọdé ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, wọn a bọ́ sórí aṣọ ojoojúmọ́, kóòtù olówó ńlá á sì kẹ́yìn. Èkejì ni ti aṣọ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀: ìparí iṣẹ́ ni ọmọ náà á kọ́kọ́ mọ̀, bíi bọ́tìnì, etí àti lílọ̀, lẹ́yìn náà rírán, lẹ́yìn náà gígé.

Àlàyé tí Lave ṣe ni pé ẹni tó ń ṣẹ́ etí tó sì ń lọ aṣọ ń wo odindi aṣọ tó ti parí, bí ó ṣe rí lójú àti bí ó ṣe rí nínú. Nígbà tó bá wá dé orí rírán, yóò mọ ìdí tí apá kan fi ń lẹ̀ mọ́ èkejì. Rírán náà ni yóò sì jẹ́ kó yé e ìdí tí wọ́n fi gé e báyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé bọ́tìnì síbi tí kò yẹ, wọn yóò tú u, yóò sì tún un gbé. Bí ó bá rán ìhà aṣọ wọ́, yóò tú u bákan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kí wọ́n máa tú léèsì lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n aṣọ tí àlùmọ́gàjí bá ti jẹ wọnú, sísan ló kù. Ọ̀gá tó fi gígé sí ìparí ń dáàbò bo àpò ara rẹ̀, ó sì ń kọ́ ọmọ dáadáa nínú ìyẹn.

Ínṣì méjì tó sọnù

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀kọ́ gígé kan ní kíkún, kí ó lè hàn bí ó ṣe gbára lé ohun tó ṣáájú rẹ̀. Obìnrin kan fẹ́ rán bùbá tí kò fún tí kò sì ṣo, àyà rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 36. Ọ̀gá á fi ínṣì 4 kún un kó lè rí àyè mí, ó di 40. Ó ti ṣẹ́ aṣọ náà po lọ́nà mẹ́rin, nítorí náà yóò pín 40 sí mẹ́rin, yóò rí 10. Yóò wá fi ààbọ̀ ínṣì kún un, nítorí ibi tí abẹ́rẹ́ yóò gbà. Ínṣì 10 àti ààbọ̀ ni yóò fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

Ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ ìṣirò yìí sórí, tí kò tíì rán ìhà aṣọ rí, á sáábà gbàgbé ààbọ̀ ínṣì yẹn. Lójú rẹ̀, kékeré ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin ni rírán yóò ti jẹ nínú aṣọ náà, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, ààbọ̀ mẹ́rin sì ni ínṣì 2. Bùbá tó yẹ kó jẹ́ 40 yóò jáde ní 38. Ẹni tó ni ín á wọ̀ ọ́ o, àmọ́ bó bá gbé ọwọ́ sókè láti so gèlè, yóò mọ̀ pé ó há. Ẹni tó ti ń rán ìhà aṣọ fún ọ̀pọ̀ oṣù kò nílò kí wọ́n máa rán an létí. Ojoojúmọ́ ló ń rí ààbọ̀ ínṣì náà tó ń wọlé sábẹ́ máṣíìnì.

Àṣìṣe kejì tún wà tí kò jọ èyí: kí ọmọ iṣẹ́ pín 36 sí mẹ́rin, kó rí 9, kó tó wá fi ínṣì 4 kún un. Ó ti di 13, ààbọ̀ ínṣì ti rírán á sì sọ ọ́ di 13 àti ààbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá rán an tán, àyà bùbá náà yóò jẹ́ ínṣì 52. Rírán kò ní gba ẹni yìí sílẹ̀, torí pé ìṣirò ni àìsàn rẹ̀ wà. Ẹ̀kọ́ pínpín ló yẹ kó ṣáájú gígé fún un, a sì lè kọ́ ọ lórí bébà pẹ̀lú tépù láìfi aṣọ ẹnikẹ́ni ṣòfò.

Bí a ṣe ń wá ohun tó yẹ kó ṣáájú

Ní 1962, Robert Gagné, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nípa bí èèyàn ṣe ń kọ́ nǹkan, gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ ṣì ń lò. A ó mú iṣẹ́ tó kẹ́yìn, a ó béèrè pé: kí ni ẹni yìí gbọ́dọ̀ ti lè ṣe kó tó lè ṣe èyí? Ìdáhùn tí a bá rí, a ó tún bi í ní ìbéèrè kan náà, títí a ó fi dé ohun tí ọmọ náà ti mọ̀ láti ilé.

Mú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó máa rán an gbọ́dọ̀ lè yí abẹ́rẹ́ ní igun, ó sì gbọ́dọ̀ lè rán ibi tó tẹ̀ ní ọrùn. Láti yí igun, yóò dá máṣíìnì dúró nígbà tí abẹ́rẹ́ ṣì wà nínú aṣọ, yóò gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì sókè, yóò yí aṣọ, yóò tún gbé e sílẹ̀. Kò lè dá a dúró síbi tó fẹ́ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tíì mọ títẹ̀. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí wíìlì rẹ̀ bá yí padà sẹ́yìn á já òwú tàbí kó lọ́ ọ mọ́ra nísàlẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọ̀gá fi ń jẹ́ kí ọmọ tuntun tẹ máṣíìnì láìsí òwú rárá, lẹ́yìn náà kí ó rán bébà tí a fa ìlà sí. Ihò abẹ́rẹ́ á hàn lórí bébà náà, kò sì sí ẹni tó lè jiyàn pé òun ò kúrò lórí ìlà. Ìlà tó tọ́ ló ṣáájú, èyí tó tẹ̀ tẹ̀ lé e, igun ló kẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àjákù aṣọ.

Ìbéèrè náà tún máa ń fi hàn pé àwọn ẹ̀kọ́ kan kò gbára lé ara wọn. Gbígbẹ́ ihò bọ́tìnì pẹ̀lú ọwọ́ kò béèrè kọ́là, kọ́là kò sì béèrè ihò bọ́tìnì. Èyí tó bá wù wá la lè fi ṣáájú. Olùkọ́ tó kọ ẹ̀kọ́ ogún sílẹ̀ tó sì gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ara wọn ti so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìnídìí.

Bí ètò bá ní àléébù, iṣẹ́ ọmọ ló ń sọ ọ́. Ṣẹ́ kọ́là po sí méjì: ó yẹ kí ṣóńṣó méjèèjì bá ara wọn mu. Bí ọ̀kan bá yọ ju èkejì, fún ọmọ náà ní àjákù aṣọ kó yí igun lórí rẹ̀. Bí ó bá bà á jẹ́ níbẹ̀ náà, ẹ̀kọ́ igun ni kò tíì wọlé, a ti sáré jù. Bí igun orí àjákù bá dára ṣùgbọ́n tí ṣóńṣó kọ́là ki pọ́pọ́, àṣẹ́kù aṣọ tó wà ní igun ni kò gé dín kó tó yí i síta, ẹ̀kọ́ kékeré kan tí ọ̀gá ti ń ṣe láìsọ. Tí ọmọ iṣẹ́ kan bá ń kọsẹ̀ níbì kan, ó lè jẹ́ tirẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń kọsẹ̀ níbẹ̀, ìgbésẹ̀ kan ló sọnù nínú ètò.

Àjákù aṣọ tàbí aṣọ oníbàárà?

Àríyànjiyàn àtijọ́ ni èyí. Ní 1868, Victor Della Vos tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Mọ́síkò bẹ̀rẹ̀ ètò kan tó pín iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le. Ìdánrawò lásán ni akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe, kì í ṣe ohun títà. Àfihàn ńlá Filadẹ́fíà ní 1876 ló gbé e dé Amẹ́ríkà. Otto Salomon ní Súwídìn náà fara mọ́ títò iṣẹ́ láti orí èyí tó rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí wọn yóò lò nílé ni kí ọmọ fi kọ́ iṣẹ́ igi.

Ṣọ́ọ̀bù ní Ìkàrẹ́ kò lè dì mọ́ ọ̀kan. Aṣọ tí oníbàárà bá gbé wá ló ń pàṣẹ. Ní oṣù September, tí ilé-ìwé bá fẹ́ wọlé, yúnífọ́ọ̀mù ló ń pọ̀: aṣọ kan náà, ìhà tó tọ́, lemọ́lemọ́, ohun tí ọwọ́ ọmọ tuntun nílò gan-an. Àsìkò Kérésìmesì àti Iléyá, léèsì àti áńkárá ayẹyẹ ló wà nílẹ̀, ọ̀gá ò sì ráyè. Ọmọ tó bá wọlé nígbà yẹn lè máa gbé bọ́tìnì títí ọdún fi yí. Àléébù ètò ṣọ́ọ̀bù nìyẹn: ẹ̀kọ́ tó kàn lè wà níbẹ̀ kí iṣẹ́ tí a fi máa kọ́ ọ má sí.

Ẹni tó bá ń ṣe kíláàsì oṣù mẹ́ta ní Ọ̀kà kò ní wàhálà yìí, torí pé òun ló ń yan aṣọ. Tirẹ̀ ni pé àkókò kéré, gbogbo èèyàn sì jọ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá ṣe bíi ṣọ́ọ̀bù, tó fi oṣù méjì sórí bọ́tìnì àti etí, wọn ò ní dé orí gígé. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n yan aṣọ kan tó rọrùn, bí ìró àti bùbá, kí wọ́n sì gbé kíláàsì gba gbogbo ọ̀nà rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọn yóò padà sí i pẹ̀lú aṣọ tó ní síípù, kí wọ́n tó dé ti kọ́là. Bùbá àkọ́kọ́, olùkọ́ ló máa gé e. Ìkejì, olùkọ́ á fa ìlà ṣọ́ọ̀kì, akẹ́kọ̀ọ́ á gé. Ìkẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ló ni ṣọ́ọ̀kì.

Wíwọn oníbàárà ní ipò tirẹ̀ tó ṣàjèjì díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kì í tètè gba tépù lọ́wọ́ ọ̀gá, àmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti lè jókòó pẹ̀lú ìwé, tí yóò máa kọ ohun tí ọ̀gá bá pè: èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Nígbà tí wọn yóò bá fi tépù lé e lọ́wọ́, ó ti mọ ohun tí wọ́n ń wọ̀n àti èyí tó ń tẹ̀ lé èyí. Ibi tí yóò ti gbé tépù sí ní èjìká, àti bí yóò ṣe fà á tó, nìkan ló kù fún un láti kọ́.