Gígé àmì lẹ́tà Yorùbá nínú bọ́tìnì àti àkòrí

Gígé àmì lẹ́tà Yorùbá jẹ́ àbùkù kan nínú bí ọ̀rọ̀ ṣe ń hàn lójú kọ̀ǹpútà àti fóònù, níbi tí àmì ohùn tí ó wà lórí lẹ́tà, tàbí àmì tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ti ń pòórá lápá kan tàbí pátápátá nítorí pé àyè tí a fi sílẹ̀ fún ìlà ọ̀rọ̀ kò tó. Inú bọ́tìnì àti àkòrí ni ó ti wọ́pọ̀ jù lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn tí ń ṣe ojú-ewé ayélujára ti máa ń fún ìlà pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ kò yí padà nínú fáìlì. Ohun tí ojú ń rí ni ó yí padà. Àkòrí tí a kọ ní “Ẹ̀KỌ́” lè hàn bí “ÈKÓ”, kí òǹkàwé sì rò pé orúkọ ìlú ni.

## Àwọn lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ kàn

Nínú àkọtọ́ tí a ń lò ní Nàìjíríà, lẹ́tà mẹ́ta ni ó ní àmì lábẹ́: ẹ, ọ àti ṣ. Àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni a máa ń fi sórí fáwẹ̀lì, àti sórí n àti m nígbà tí wọ́n bá dá dúró bíi sílébù. Ohùn àárín kì í sábà gba àmì. Nítorí náà, ẹ àti ọ lè ru ẹrù lókè àti nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bí ó ti rí nínú “ẹ̀kọ́” àti “ọ̀rọ̀”. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ga ju lẹ́tà lásán lọ, ó sì jìn jù ú lọ.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, ɛ àti ɔ ni a ń kọ dípò ẹ àti ọ, a sì ń kọ sh dípò ṣ. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí a bá kọ ní ọ̀nà yìí kò ní àmì kankan lábẹ́ lẹ́tà, nítorí náà apá òkè nìkan ni àbùkù yìí lè kàn níbẹ̀.

Ẹ àti ọ wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì èdè Vietnam pẹ̀lú, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì fi ní wọn. Ṣ kò sí nínú tiwọn. Bẹ́ẹ̀ ni Yúníkóòdù kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún ọ́: lẹ́tà ọ (U+1ECD) ni a ń kọ, tí a ó sì fi àmì ohùn (U+0301) tẹ̀ lé e. Fọ́ǹtì ni ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé.

## Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Fọ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n méjì tí ẹni tí ó ṣe é ti kọ sínú rẹ̀: bí àyè rẹ̀ ṣe ga tó lókè ìlà tí lẹ́tà jókòó lé, àti bí ó ṣe jìn tó nísàlẹ̀ ìlà náà. Ẹni tí ó ń ṣe ojú-ewé ni ó ń fi `line-height` sọ bí ìlà ọ̀rọ̀ yóò ṣe ga tó. Bí iye tí ó yàn bá kéré sí àpapọ̀ ìwọ̀n méjèèjì, aṣàwákiri yóò pín àìtó náà sí méjì dọ́gba, yóò yọ ìdajì kúrò lókè, yóò sì yọ ìdajì kúrò nísàlẹ̀.

Èyí nìkan kò tíì gé ohunkóhun. Àmì yóò kàn yọ jáde kúrò nínú àpótí ìlà ni, a ó sì máa rí i síbẹ̀. Gígé ń wáyé nígbà tí àpótí náà bá tún ní `overflow: hidden`, àṣẹ tí ó ń fi ohun tí ó bá yọ jáde pamọ́. Nínú bọ́tìnì, a sábà máa ń lo àṣẹ yìí kí ọ̀rọ̀ tí ó gùn jù lè parí sí àmì tóńtó mẹ́ta:

```css
.botini span {
  display: block;
  line-height: 1;
  white-space: nowrap;
  overflow: hidden;
  text-overflow: ellipsis;
}
```

Àyè tí ó wà láàárín ọ̀rọ̀ àti etí bọ́tìnì kì í gba àmì là nínú irú kóòdù yìí. Bọ́tìnì ni ó ní àyè náà, ṣùgbọ́n `span` tí ó wà nínú rẹ̀, tí kò ní àyè kankan, ni ó ń gé ọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí bọ́tìnì fi lè fẹ̀ dáadáa lójú, kí àmì inú rẹ̀ sì gé.

Ẹni tí ó bá fi èdè Gẹ̀ẹ́sì dán irú àkòrí bẹ́ẹ̀ wò kì í sábà rí àbùkù kankan, pàápàá bí lẹ́tà ńlá bá ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́tà ńlá Gẹ̀ẹ́sì kò ní àmì lókè, ìrù Q nìkan ni ó sì máa ń rékọjá ìlà lọ sí ìsàlẹ̀. Àyè tí ó tó fún “LAGOS” kò tó fún “Ẹ̀KỌ́”.

## Àpẹẹrẹ pẹ̀lú ìṣirò

Ká mú fọ́ǹtì kan tí àyè rẹ̀ lókè jẹ́ 0.95 ìwọ̀n lẹ́tà, tí ti ìsàlẹ̀ sì jẹ́ 0.25. Ká sọ pé àmì ohùn orí lẹ́tà ńlá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 0.77, ó sì dé 0.94, àmì abẹ́ lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ ní 0.14 nísàlẹ̀ ìlà, ó sì dé 0.22. A fi fọ́ǹtì yìí kọ àkòrí “Ẹ̀KỌ́” ní ìwọ̀n píksẹ́lì 40, `line-height` sì jẹ́ 1.

Àyè tí fọ́ǹtì fẹ́ jẹ́ 38 lókè àti 10 nísàlẹ̀, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 48. Ìlà tí a fún un jẹ́ 40. Ó ku 8, nítorí náà 4 yóò kúrò lókè, 4 yóò sì kúrò nísàlẹ̀. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni 34 lókè àti 6 nísàlẹ̀.

Àmì abẹ́ lẹ́tà wà láti 5.6 dé 8.8. Gbogbo ohun tí ó bá rékọjá 6 yóò gé, nítorí náà 2.8 nínú 3.2 yóò lọ. Ìyókù kò tó ìdajì píksẹ́lì kan, ojú kò sì lè rí i dáadáa. Ẹ ti di E, ọ ti di O.

Àmì ohùn wà láti 30.8 dé 37.6. Ohun tí ó bá rékọjá 34 yóò gé, ìyẹn 3.6 nínú 6.8. Apá òkè ni ó sì lọ, bẹ́ẹ̀ apá òkè ni ó ń fi hàn kedere bóyá àmì náà dá sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Kùkùté tí ó ṣẹ́kù lórí lẹ́tà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Òǹkàwé tí ó bá rí wọn yóò ka “ÈKÓ”. Bí kò bá rí wọn, yóò ka “EKO”.

Nínú lẹ́tà kékeré, ìyà náà kò dọ́gba. Àmì ohùn orí lẹ́tà kékeré kì í ga púpọ̀, nítorí náà ó sábà máa ń yè, nígbà tí àmì abẹ́ lẹ́tà ń lọ. “Ẹ̀kọ́” tí ó pàdánù àmì abẹ́ lẹ́tà nìkan di “Èkó” gẹ́lẹ́, nítorí pé ohùn ọ̀rọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀. Bọ́tìnì ilé ìtajà tí a kọ “ọkọ́” sí, ìyẹn irinṣẹ́ àgbẹ̀, yóò di ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ ní gbangba.

## Bí a ṣe lè dá a mọ̀

Ohun mẹ́ta ni a sábà máa ń ṣì mú fún ara wọn. Àmì tí a gé máa ń ní etí títọ́ bí ẹni pé a fi ọ̀bẹ gé e, gbogbo lẹ́tà inú ìlà náà ni ó sì ń gé ní ibi kan náà. Bí àmì ohùn bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà dípò orí rẹ̀, fọ́ǹtì ni kò mọ ibi tí yóò gbé e lé. Bí àpótí òfìfo bá hàn dípò lẹ́tà, fọ́ǹtì kò ní lẹ́tà náà.

Ìdánwò tí ó rọrùn ni kí a ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ náà, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibòmíràn. Bí àmì bá padà, kò sí àléébù nínú ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a ṣí irinṣẹ́ àyẹ̀wò aṣàwákiri, kí a sì mú `overflow: hidden` kúrò fún ìgbà díẹ̀. Bí àmì bá hàn lójú ẹsẹ̀, àpótí ni ó ń gé e. Ọ̀rọ̀ tí ó dára fún ìdánwò ni “Ẹ̀KỌ́ Ọ̀ṢỌ́”, nítorí pé ó ní lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀.

## Àtúnṣe

Àtúnṣe àkọ́kọ́ ni kí a fún ìlà ní àyè. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, `line-height: 1.3` fún ìlà ní píksẹ́lì 52. Àyè òkè di 40, ti ìsàlẹ̀ di 12, àmì méjèèjì sì wọlé. Kí iye náà jẹ́ nọ́ńbà lásán, kì í ṣe píksẹ́lì. Bí a bá kọ `20px` sí ara ojú-ewé, àkòrí tí ìwọ̀n lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 32 yóò jogún 20 yẹn. Nọ́ńbà lásán ni ó ń tẹ̀ lé ìwọ̀n lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Bí ìrísí bọ́tìnì kò bá gba ìlà gíga, a lè fún `span` tí ó ń gé ọ̀rọ̀ ní àyè tirẹ̀. Etí òde àyè yìí ni `overflow: hidden` ti ń gé, nítorí náà àmì lè jókòó sínú rẹ̀. Iye òdì tí a fi sí `margin-block` ni kò ní jẹ́ kí bọ́tìnì ga sí i:

```css
.botini span {
  padding-block: 0.2em;
  margin-block: -0.2em;
}
```

Fún bọ́tìnì fúnra rẹ̀, `min-height` sàn ju `height` lọ, nítorí pé ó ń jẹ́ kí bọ́tìnì ga sí i bí ọ̀rọ̀ bá nílò rẹ̀.

Lórí Áńdírọ́ìdì, `TextView` ní ètò kan tí ń jẹ́ `includeFontPadding`, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fi àyè sílẹ̀ fún àmì tí ó bá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ó wà ní títàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe áàpù máa ń pa á kí ọ̀rọ̀ lè dúró sí àárín bọ́tìnì gẹ́lẹ́, ìgbà náà sì ni àmì ti lè gé.

## Ibi tí àtúnṣe mọ

Ọgbọ́n `padding-block` kò bá àkòrí tí a fi `-webkit-line-clamp` dín kù sí ìlà méjì tàbí mẹ́ta mu. Orí lẹ́tà ìlà tí ó yẹ kí ó fara pamọ́ yóò yọjú nínú àyè ìsàlẹ̀ náà. `line-height` ni kí a gbé sókè níbẹ̀.

Mímú `overflow: hidden` kúrò pẹ̀lú kì í tó fún àkòrí tí ó ju ìlà kan lọ. Nínú àpẹẹrẹ òkè, àmì abẹ́ lẹ́tà ìlà kìíní jìn dé 8.8, àmì ohùn ìlà kejì sì ga dé 37.6. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 46.4, ṣùgbọ́n 40 ni ó wà láàárín ìlà méjèèjì. Àmì méjèèjì lè gun ara wọn, kí òǹkàwé má sì mọ èyí tí ó jẹ́ ti ìlà òkè. Ìlà 1.2 fi àlàfo 1.6 péré sí àárín wọn, 1.3 fi 5.6 sí i. Ìwọ̀n wọ̀nyí ń yàtọ̀ láti fọ́ǹtì sí fọ́ǹtì, nítorí náà fọ́ǹtì tí a óò lò gan-an ni kí a fi dán an wò.