Títúmọ̀ ìtàn-àròsọ: ohùn asọ̀tàn àti ìsọ̀rọ̀ ẹ̀dá-ìtàn

Títúmọ̀ ìtàn-àròsọ ni kí a tún ìtàn tí a kọ ní èdè kan kọ ní èdè mìíràn, kí òǹkàwé sì máa gbọ́ ohùn asọ̀tàn àti ti ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan bó ṣe yẹ. Láàrin Yorùbá, àpẹẹrẹ tó lókìkí jù ni *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀* ti D. O. Fágúnwà, tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì.

Ìtàn

Ọdún 1938 ni ìwé Fágúnwà kọ́kọ́ jáde. Ọmọ Òkè-Igbó ni òǹkọ̀wé náà, ó sì kú ní 1963, kí ìtumọ̀ náà tó jáde. Ilé-iṣẹ́ Nelson tẹ ìtumọ̀ Ṣóyínká ní 1968, Bruce Onobrakpeya ló ya àwòrán inú rẹ̀. Ìtumọ̀ yìí ló gbé Fágúnwà dé ọwọ́ àwọn tí kò lè ka Yorùbá. Ní 2010, Ṣóyínká tún mú ìtumọ̀ *Igbó Olódùmarè* jáde.

Ohùn asọ̀tàn

Ohùn méjì ló wọnú ara wọn ní orí kìíní *Ògbójú Ọdẹ*. Akọ̀wé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ń kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ka ìwé. Lẹ́yìn náà ni bàbá àgbà kan wọlé tọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀, ó ní kó mú ìwé àti kálàmù, kó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Bàbá yìí ni Àkàrà-ogun ọdẹ. Láti ibẹ̀ lọ, “mo” ti di ti ọdẹ, akọ̀wé sì di olùgbọ́. Nígbà tí ìtàn di ọjọ́ kejì, èrò ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìwé náà ń dún bí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Asọ̀tàn a dá ìtàn dúró láti bá olùgbọ́ sọ̀rọ̀ tàbí láti gba èèyàn níyànjú. Bí olùtumọ̀ bá yọ àwọn ìdádúró wọ̀nyí kí ìtàn lè yára, èrò tó jókòó ti Àkàrà-ogun ti pòórá nìyẹn. Ṣóyínká fi wọ́n sílẹ̀, ó sì lo Gẹ̀ẹ́sì tó gùn, tó sì ní ìró àgbà.

Ìsọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá-ìtàn

Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀, Ṣóyínká ní ohun tó ni òun lára jù ni bí ìró ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀dá Fágúnwà yóò ṣe bá ìwà wọn mu. Ìhàlẹ̀ ọdẹ kò gbọdọ̀ dún bí ìmọ̀ràn Ìrágbèje, àgbà ọlọ́gbọ́n tó fi ọjọ́ méje kọ́ àwọn ọdẹ lẹ́kọ̀ọ́ ní Òkè Láńgbòdó.

Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn kan tí a ṣe fún àlàyé yìí wò ó: “Èmi tí mo sùn nínú igbó, tí ẹkùn ń ṣọ́ mi, èmi tí mo jí nínú igbó, tí erin ń kí mi, ta ni ìwọ tí o dúró sọ́nà mi?” Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí “Ògbóǹtarìgì ọdẹ ni mí, kúrò lọ́nà” ti mú ìtumọ̀ lọ, ó ti fi ọkùnrin náà sílẹ̀. Ohun tó yẹ ni kó ka iye ẹsẹ̀ gbólóhùn náà, kó pa ìbáradọ́gba méjì àkọ́kọ́ mọ́, kó sì jẹ́ kí ìbéèrè ìkẹyìn já lójijì. Àyẹ̀wò tó rọrùn wà fún un: kí a bo orúkọ àwọn tó ń sọ̀rọ̀, kí a ka ojú ìwé náà sókè. Bí a kò bá mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ohùn wọn ti di ọ̀kan náà.

Àríyànjiyàn lórí àkọlé

Ẹgbẹ̀rún ni Ṣóyínká fi sí àkọlé Gẹ̀ẹ́sì, *The Forest of a Thousand Daemons*. Àwọn kan gbà pé irínwó ló wà nínú “irún”, nítorí náà iye náà ti kọjá ààlà. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tí kò lóǹkà ni ó fẹ́ kí òǹkàwé Gẹ̀ẹ́sì gbọ́. Lórí irúnmalẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ṣàlàyé pé òun mọ̀ọ́mọ̀ yan ọ̀rọ̀ náà “daemons” àti sípẹ́lì rẹ̀, kí òǹkàwé má bàa rò pé èṣù tàbí òrìṣà ni wọ́n.

Láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá

Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ *Aké*, ìtàn ìgbà èwe Ṣóyínká, sí Yorùbá ní 2001. Ìwé náà dé Ìsarà, ìlú baba Ṣóyínká, níbi tí ọmọdé ti bá bàbá-bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Arọ́pò-orúkọ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún àwọn méjèèjì. Ní Yorùbá, ọmọ gbọ́dọ̀ sọ “ẹ” sí àgbà, àgbà yóò sì sọ “o” sí ọmọ, nítorí náà olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ipò ẹni méjì sí ara wọn kó tó kọ gbólóhùn kan ṣoṣo.