Bọ́fà: Bí A Ṣe Wá Mọ Ohun Tí Kì Í Jẹ́ Kí pH Yẹ̀

Bí a bá bu lítà omi mímọ́ kan, tí a sì da mìlílítà 10 péré ásíìdì HCl sí i, irú èyí tí móòlù kan wà nínú lítà rẹ̀ kan, pH omi náà yóò já láti 7 wá sí 2. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí òṣùwọ̀n pH jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà áyọ́ọ̀nù háídrójìn, H⁺, inú omi yẹn ti fi ìlọ́po 100,000 pọ̀ sí i. Ká wá da ìwọ̀n HCl kan náà sínú lítà omi mìíràn, èyí tí a ti po móòlù 0.1 ásíìdì ásétíìkì, ásíìdì inú ọtí kíkan, mọ́ móòlù 0.1 iyọ̀ rẹ̀ tí à ń pè ní sódíọ̀mù ásétéètì. pH tó wà ní 4.76 tẹ́lẹ̀ yóò kàn sún sí 4.67. Omi kejì yìí ni bọ́fà.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí HCl náà? Ásíìdì ásétíìkì kò lágbára. Púpọ̀ nínú rẹ̀ di H⁺ rẹ̀ mú, díẹ̀ ló ń tú u sílẹ̀. Ásétéètì ní tirẹ̀ ni ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tí ásíìdì náà bá ti tú H⁺ sílẹ̀, ó sì ṣe tán nígbà gbogbo láti gba òmíràn. HCl lágbára, gbogbo H⁺ rẹ̀ ló máa ń tú jáde tó bá ti kan omi. Nínú bọ́fà, kò ráyè rìn jìnnà: ásétéètì gbà á bí onílé ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò lẹ́nu ọ̀nà, òun fúnra rẹ̀ sì di ásíìdì ásétíìkì. Bó bá jẹ́ béèsì alágbára bíi NaOH la dà sí i, ásíìdì ásétíìkì ni yóò dìde sí i. Yóò fi H⁺ rẹ̀ pàdé OH⁻, àwọn méjèèjì yóò di omi. Nítorí náà, ásíìdì alágbára kò pòórá nínú bọ́fà. A ti fi ṣe pàṣípààrọ̀ ásíìdì tí kò lágbára ni.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Móòlù 0.01 ni HCl tí a dà sí i. Ásétéètì yóò dín kù láti 0.10 sí 0.09, ásíìdì ásétíìkì yóò pọ̀ láti 0.10 sí 0.11. pH bọ́fà ń tẹ̀ lé ìpín àwọn méjèèjì: bí a bá fi ásíìdì pín ásétéètì, 1 la ní tẹ́lẹ̀, a wá ní nǹkan bí 0.82. Lọ́gárídíìmù ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi −0.09, òun náà la yọ kúrò lára 4.76.

Ẹ̀kọ́ yìí kò ti orí ẹnì kan ṣoṣo jáde. Ní Páríìsì, lọ́dún 1900, Fernbach àti Hubert ń yẹ ẹ́nsáìmù inú ọkà bálì tí wọ́n mú hù fún ọtí wò, wọ́n sì rí i pé àdàlù fọ́sféètì inú rẹ̀ ń gba ásíìdì àti béèsì mọ́ra láìyí padà púpọ̀. Lọ́dún 1908, Lawrence Henderson ní Yunifásítì Hááfádì béèrè ìdí tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi kan bí ara tilẹ̀ ń ṣe ásíìdì lójoojúmọ́. Òun ló kọ ìpín tí a lò lókè yìí sílẹ̀ ní ìlànà ìṣirò. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Sørensen gbé òṣùwọ̀n pH jáde ní yàrá ìwádìí Carlsberg ní Kopenhágẹ̀n. Ní ìlú kan náà, lọ́dún 1916, Hasselbalch fi lọ́gárídíìmù tún ìlànà Henderson kọ, kó lè bá pH mu. Nínú rẹ̀, HA ni ásíìdì tí kò lágbára, A⁻ ni ohun tó ṣẹ́ kù nígbà tó bá ti tú H⁺ sílẹ̀, pKa sì ni pH tí bọ́fà ń ní nígbà tí ìpín àwọn méjèèjì bá jẹ́ 1:

```
pH = pKa + log([A⁻]/[HA])
```

Ní tèmi, ẹni tó fi ibi tí agbára bọ́fà pin hàn ló parí iṣẹ́ náà. Donald Van Slyke ni, ní Níú Yọ́ọ̀kì, lọ́dún 1922. Ó wọn iye ásíìdì tàbí béèsì tí a ní láti dà sínú bọ́fà kí pH tó yẹ̀ díẹ̀. Ó rí i pé agbára yìí máa ń ga jù nígbà tí ìpín bá jẹ́ 1, ìyẹn nígbà tí pH bá pàdé pKa. Tí pH bá fi 1 jìnnà sí pKa, nǹkan bí ìdámẹ́ta agbára náà ló kù. Ẹ jẹ́ ká padà sínú bọ́fà ásétéètì wa. Bí a bá da móòlù 0.09 HCl sí i, ásétéètì yóò ku 0.01, ásíìdì yóò di 0.19, pH yóò sì já sí nǹkan bíi 3.5. Bí a bá fi 0.01 kún un, ásétéètì ti tán nìyẹn, pH yóò bọ́ sí nǹkan bíi 2.7. Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ohun tó lè dá HCl dúró mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ìwọ̀n díẹ̀ ni bọ́fà ń gbà. Ẹni tó ń fi mítà wo pH yóò mọ̀ pé ó ti ń tán: ohun tó ń rọra sún tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Pẹ̀lú òfin Van Slyke yìí, ó yẹ kí bọ́fà ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀lẹ. Níbẹ̀, baikábónéètì ló ń ṣe iṣẹ́ ásétéètì, CO₂ tó yòrò ló sì dúró bí ásíìdì. pKa rẹ̀ jẹ́ 6.1, pH ẹ̀jẹ̀ sì jẹ́ 7.4. Nínú lítà omi ẹ̀jẹ̀ kan, baikábónéètì jẹ́ mìlímóòlù 24, CO₂ tó yòrò sínú rẹ̀ jẹ́ 1.2, ìpín wọn sì jẹ́ 20. Ká ní mìlímóòlù 10 ásíìdì alágbára wọ inú rẹ̀. Baikábónéètì yóò di 14, CO₂ yóò di 11.2. Bó bá jẹ́ inú ìgò tí a dé pinpin ni, pH yóò já sí 6.2, ikú sì ni. Ṣùgbọ́n ara kì í ṣe ìgò. Ẹ̀dọ̀fóró ń mí CO₂ tó pọ̀ jù dànù títí yóò fi padà sí 1.2, pH yóò sì dúró sí nǹkan bíi 7.17, kódà ká tó ka ìrànlọ́wọ́ àwọn purotéènì inú ẹ̀jẹ̀. Ìṣílẹ̀kùn yẹn ló fún un lágbára ju bí pKa rẹ̀ ṣe fi hàn lọ.

Èyí náà ló fà á tí ìdajì ìmọ̀ nípa rẹ̀ fi léwu. Lọ́dún 1952, àrùn rọpárọsẹ̀ jà gan-an ní Kopenhágẹ̀n. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ràn lọ́wọ́ láti mí ní ilé ìwòsàn Blegdam, 27 kú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé àpapọ̀ CO₂, tí baikábónéètì kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ti ga, àwọn dókítà sì rò pé béèsì ló pọ̀ jù lára wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlànà Hasselbalch. Ká ní baikábónéètì jẹ́ 36. Tí CO₂ tó yòrò bá jẹ́ 1.2, ìpín jẹ́ 30, pH sì jẹ́ 7.58: béèsì ló pọ̀ jù lóòótọ́. Tí CO₂ bá ti kóra jọ dé 3.6 nítorí pé aláìsàn kò lè mí dáadáa, ìpín jẹ́ 10, pH sì jẹ́ 7.1: ásíìdì ló ń pa á lọ. Bjørn Ibsen, dókítà tó ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, sọ pé èkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n wọn pH, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jóòótọ́. Wọ́n lu ihò sí ọ̀nà ọ̀fun àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì jókòó tì wọ́n tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń fi ọwọ́ fún àpò rọ́bà láti fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀dọ̀fóró wọn.

Poul Astrup, ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn náà, kò fi mọ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó ṣe ọ̀nà kan tí mítà pH nìkan fi lè sọ ìwọ̀n CO₂ inú ẹ̀jẹ̀. Yóò wọn pH ẹ̀jẹ̀ bó ṣe wà, yóò fi afẹ́fẹ́ méjì tí ó mọ ìwọ̀n CO₂ inú wọn bá a pàdé, yóò tún wọn ọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì fa ìlà láàárín àmì méjèèjì. Ibi tí pH àkọ́kọ́ bá bọ́ sí lórí ìlà yẹn ni CO₂ aláìsàn wà.