Ìpele kẹta, ìpele kẹrin: Ohun tí àwọn dókítà ń kà kí wọ́n tó pín jẹjẹrẹ ìfun ńlá sí ìpele

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2020, ni Chadwick Boseman, òṣèré fíìmù ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọba Wàkáńdà, jáde láyé lẹ́ni ọdún 43. Nínú ìkéde tí ẹbí rẹ̀ fi síta, wọ́n ní ọdún 2016 ni àwọn dókítà ti rí i pé ó ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá tó wà ní ìpele kẹta, àti pé àìsàn náà ti wọ ìpele kẹrin kó tó gbẹ̀mí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí tí wọ́n rò pé bí jẹjẹrẹ náà ṣe tóbi tó ni wọ́n fi ń ka ìpele, tàbí bó ṣe pẹ́ tó lára. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun mẹ́ta ni àwọn dókítà ń wò, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n sì fi ń kọ wọ́n sílẹ̀: T, N àti M.

Oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Pierre Denoix, ló gbé ìlànà lẹ́tà mẹ́ta yìí kalẹ̀ láàrin ọdún 1943 sí 1952. Ìdí tó fi ṣe é ni kí ọ̀rọ̀ dókítà kan lè yé dókítà mìíràn láìsí àríyànjiyàn. Títí dòní, òun náà ni wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé.

Lẹ́tà T ń sọ ibi tí jẹjẹrẹ náà gbẹ́ ògiri ìfun dé. Ògiri ìfun ńlá kì í ṣe awọ kan ṣoṣo, ńṣe ló tò léra wọn bí aṣọ tí èèyàn wọ̀ lé ara wọn. Awọ inú pátápátá ni ìgbẹ́ ń fara kàn, inú rẹ̀ sì ni jẹjẹrẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá tíì kọjá awọ yìí, Tis ni wọ́n ń kọ. Bó bá ti wọ awọ kejì tó wà lábẹ́ rẹ̀, ó di T1. Bó bá dé inú ẹran tó ń fún ìfun pọ̀ kó lè ti oúnjẹ síwájú, T2 ni. Bó bá gba inú ẹran náà kọjá dé ọ̀rá tó yí ìfun ká, T3 ni. Èyí tó bá sì ti yọ sí ojú ìta pátápátá, tàbí tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ara mìíràn bí àpò ìtọ̀ tàbí ìfun kékeré, T4 ni. Ẹ ó rí i pé bó ṣe jìn tó ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe bó ṣe fẹ̀ tó. Jẹjẹrẹ kan lè tóbi bí ọsàn nínú ihò ìfun kó má tíì kọjá T2, kí òmíràn tí kò ju ẹyọ obì lọ sì ti jẹ T4.

Lẹ́tà N ń ka àwọn kókó kéékèèké tó wà nínú ọ̀rá ẹ̀gbẹ́ ìfun. Ẹni tí egbò bá wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀ rí máa ń rí i pé kókó kan á wú ní ibi tí itan ti pàdé ara. Irú kókó bẹ́ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìfun náà, iṣẹ́ wọn sì ni láti sẹ́ omi ara kí ohun búburú má bàa kọjá. Ibẹ̀ ni jẹjẹrẹ tó bá fẹ́ rìnrìn àjò sábà máa ń kọ́kọ́ dúró. Bí wọn kò bá rí i nínú kókó kankan, N0 ni. Bó bá wà nínú kókó kan sí mẹ́ta, N1 ni. Bó bá di mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, N2 ni.

Lẹ́tà M ló kù. M0 túmọ̀ sí pé jẹjẹrẹ náà kò tíì dé ibi tó jìnnà. M1 túmọ̀ sí pé ó ti dé bẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró ló sì wọ́pọ̀ jù, bẹ́ẹ̀ ló tún lè fọ́n sára awọ tó tẹ́ inú ikùn.

Nígbà tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé ni wọ́n tó ń ṣírò ìpele. Tis nìkan ni ìpele òdo. T1 tàbí T2 tí kò sí nínú kókó kankan ni ìpele kìíní. T3 tàbí T4 tí kò sí nínú kókó kankan ni ìpele kejì. Ní kété tí wọ́n bá ti rí i nínú kókó kan ṣoṣo, ìpele kẹta ni, ì báà jẹ́ T1, ì báà jẹ́ T4. Bó bá sì ti jẹ́ M1, ìpele kẹrin ni, ohun yòówù kí T àti N sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé rẹ̀. Ká ní obìnrin oníṣòwò kan tó jẹ́ ẹni ọdún 52 rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ẹ̀rọ tó ní iná lórí bọ ìfun rẹ̀, wọ́n rí jẹjẹrẹ ní apá òsì. Wọ́n ya àwòrán sikáànù àyà àti ikùn rẹ̀, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, wọ́n gé apá ìfun náà pẹ̀lú ọ̀rá àti kókó tó so mọ́ ọn, wọ́n sì so ìfun tó kù pọ̀. Ohun tí wọ́n gé ni wọ́n gbé lọ fún patọ́lọ́jísítì, ìyẹn dókítà tó ń yẹ ẹran ara wò lábẹ́ maikirosíkóòpù. Nígbà tí èsì jáde, ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ni pT3 pN1b, 2/15.

Lẹ́tà p tó ṣáájú ń sọ pé ojú ni wọ́n fi rí i lára ohun tí wọ́n gé. Bó bá jẹ́ àwòrán nìkan ni wọ́n fi wò ó, c ni wọn ì bá kọ. 2/15 túmọ̀ sí pé kókó 15 ni wọ́n yẹ̀ wò, 2 ló ní jẹjẹrẹ nínú. Ìpele kẹta nìyẹn, abala tí wọ́n ń pè ní IIIB.

Kí ló kàn fún un? Bí wọ́n bá fi iṣẹ́ abẹ nìkan mọ, àwọn èérún jẹjẹrẹ tí ojú kò rí, tó ti gba inú kókó kọjá, lè padà yọ níbòmíràn. Nítorí náà ni kimotẹ́rápì ṣe ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ ní ìpele kẹta, ó sì dára kó bẹ̀rẹ̀ láàrin bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Oògùn méjì ló wọ́pọ̀: ọkisalipilatíìnì tí wọ́n ń fà sí i lára, àti kapesitabíìnì oníhóró tí yóò máa gbé mì nílé fún ọjọ́ 14, kó sì sinmi fún ọjọ́ 7. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ni ìyípo kan. Tẹ́lẹ̀, oṣù mẹ́fà ni wọ́n máa ń fi ṣe é fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ìwádìí ńlá kan tó kó aláìsàn tó lé ní 12,000 jọ, tí èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, fi hàn pé fún ẹni tó bá jẹ́ T1 sí T3 pẹ̀lú N1, oṣù mẹ́ta oògùn méjèèjì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ kan náà bí oṣù mẹ́fà. Obìnrin wa yìí bọ́ sí abala náà, ìyípo mẹ́rin á tó o. Ká ní T4 ni, tàbí N2, oṣù mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ dókítà ì bá ṣì yàn.

Àǹfààní dídín oṣù náà kù kì í ṣe kékeré. Ọkisalipilatíìnì máa ń mú kí ọmọ ìka ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kú tipiri, kí omi tútù sì máa gún èèyàn bí abẹ́rẹ́. Bí oògùn náà bá ṣe pọ̀ tó nínú ara ni ìkú-tipiri náà ṣe ń pẹ́ tó, nígbà mìíràn kì í lọ mọ́.

Ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé nìyí. Ká ní kókó 6 péré ni wọ́n yẹ̀ wò nínú ohun tí wọ́n gé lára obìnrin kan náà, tí àwọn méjì tó ní jẹjẹrẹ kò sì sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. 0/6 ni wọn yóò kọ, ìpele kejì ni wọn yóò pè é, wọ́n sì lè ní kó máa lọ sílé láìgba kimotẹ́rápì. Àìsàn rẹ̀ kò yí padà o, kíkà ni kò pé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi là á sílẹ̀ pé ó kéré tán, kókó 12 gbọ́dọ̀ jẹ́ yíyẹ̀wò. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú èsì kò bá tó 12, dókítà lè dá ohun tí wọ́n gé padà sí yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n tún un wá. Bí wọn kò bá rí sí i, wọ́n á ka aláìsàn ìpele kejì náà mọ́ àwọn tí ewu wọn pọ̀.

Ìpele kejì gan-an ló ń fa àríyànjiyàn jù láàrin àwọn dókítà. Ìpele kìíní kò ní wàhálà, iṣẹ́ abẹ nìkan ló ń gbà. Ní ìpele kejì, ọ̀pọ̀ kò nílò ju iṣẹ́ abẹ náà lọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ T4, bí ìfun bá ti dí tàbí tó ti lu kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ, tàbí bí kókó tí wọ́n kà kò bá tó, wọ́n á jíròrò kimotẹ́rápì. Àní, ìpele kejì tó jẹ́ T4 tó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yà ara mìíràn máa ń le ju ìpele kẹta tó jẹ́ T1 pẹ̀lú kókó kan lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí TNM kò lè sọ. Àyẹ̀wò kan wà tí èsì rẹ̀ máa ń jẹ́ MSI-H, tó ń fi hàn pé ohun tó yẹ kó máa tún àṣìṣe inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ náà ṣe kò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní in ní ìpele kejì kì í jàǹfààní nínú kapesitabíìnì nìkan, wọn kì í sì í fún un. Ìwádìí tí àwọn dókítà Ilé-Ifẹ̀ àti àwọn akẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2021 rí i pé àmì yìí wọ́pọ̀ lára àwọn aláìsàn Nàìjíríà tí wọ́n yẹ̀ wò ju ti àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n fi wé wọn lọ.

Ìpele kẹrin náà kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ nìkan ló dé, tí ibi tó wà níbẹ̀ kò sì pọ̀, oníṣẹ́ abẹ lè gé e kúrò, àwọn kan sì ti rí ìwòsàn lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bó bá ti fọ́n ká, kimotẹ́rápì ni wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn kí ẹ̀mí lè gùn sí i. Ẹni tó bá ní MSI-H ní ìpele yìí, oògùn tó ń jí àwọn ọmọ ogun ara dìde, irú bíi pẹ́mbirolisumábù, ló máa ń ṣiṣẹ́ jù fún un.

Nínú ìwé ilé ìwòsàn, ìpele tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ kì í yí padà. Bí jẹjẹrẹ ìpele kẹta bá padà yọ sí ẹ̀dọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ìpele kẹta tó padà wá ni wọ́n ń pè é nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ìpele kẹrin ni wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí ń ní lọ́kàn nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ní àìsàn ti wọ ìpele kẹrin. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá sọ ìpele fún kò gbọdọ̀ dúró lórí nọ́ńbà kan ṣoṣo yẹn. Kó béèrè T àti N tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kó béèrè iye kókó tí wọ́n kà, kó sì béèrè bóyá wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò MSI. Nínú èsì wọ̀nyí ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń jáde.