Ohun tí Ọwọ́ Gbígbọ̀n Pa Rẹ́: Ibi tí Agbára Ìtú-àdàlù Pin sí nínú Àwòrán Kámẹ́rà

Ìfáàrà

Bí ọwọ́ ayàwòrán bá gbọ̀n nígbà tí ṣọ́tà kámẹ́rà ṣì wà ní ṣíṣí, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó balẹ̀ sójú kan á fọ́n ká sórí ọ̀pọ̀ píksẹ́lì, àwòrán á sì rí bàìbàì. Ìṣirò tí wọ́n fi ń wá ojúlówó àwòrán náà padà ni a pè ní ìtú-àdàlù níbí, èyí tí àwọn onímọ̀ mọ̀ sí dikonfolúṣọ̀n. Richardson gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní 1972, Lucy náà sì gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní 1974. Ọ̀nà yìí wà lára ohun tí wọ́n lò fún àwòrán ẹ̀rọ awòràwọ̀ Hubble kí wọ́n tó tún ojú ẹ̀rọ náà ṣe ní 1993. Ní 2006, Fergus àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè tú àwòrán kan ṣoṣo tí ọwọ́ gbígbọ̀n bà jẹ́, kódà bí a kò bá mọ bí ọwọ́ náà ṣe gbọ̀n.

Irú àṣeyọrí bẹ́ẹ̀ ti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí kọ̀ǹpútà bá ti lágbára tó, kò sí àwòrán bàìbàì tí kò lè mọ́ kedere. Àpilẹ̀kọ yìí ta ko èrò náà. Àríyànjiyàn wa ni pé ìgbà tí ṣọ́tà bá pa dé ni ọ̀rọ̀ ohun tó ṣeé gbà padà ti parí. Ìṣirò lè gbé ohun tó rẹlẹ̀ sókè. Kò lè mú ohun tó ti pa rẹ́ padà wá.

Bí àdàlù náà ṣe ń ṣẹlẹ̀

Gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lórí ìlà kan:

```
y = k * x + n
```

Àwòrán kedere tí a kò rí ni x. Ipa ìgbọ̀n ni k, ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ tọ̀ lórí ojú kámẹ́rà nígbà tí ọwọ́ ń mì. Èérí tí ìmọ́lẹ̀ àti ẹ̀rọ fúnra wọn ń dá sílẹ̀ ni n, àwòrán bàìbàì tó wà lọ́wọ́ wa sì ni y. Ìtumọ̀ àmì ìràwọ̀ yẹn ni pé píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan nínú y jẹ́ àpapọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà ìgbọ̀n náà.

Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn jù: ọwọ́ lọ sí ọ̀tún tààrà, ní ìyára kan náà, ní ìwọ̀n píksẹ́lì 10. Píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan á wá di ìpíndọ́gba píksẹ́lì 10 tó tò léra. Ká sọ pé ògiri tí a yà ní ìlà dúdú tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 5, funfun 5, dúdú 5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi yòówù kí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka mẹ́wàá, dúdú 5 àti funfun 5 la máa bá níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ògiri náà á di àwọ̀ eérú kan ṣoṣo. Ògiri mìíràn tí wọ́n kun ní àwọ̀ eérú yẹn látilẹ̀ á mú àwòrán kan náà gan-an jáde. Nígbà tí ojúlówó méjì bá bí àbájáde kan, kò sí ìṣirò tó lè mọ èwo nínú wọn ni kámẹ́rà rí.

Ká wá jẹ́ kí ìlà náà máa tún ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn píksẹ́lì 11. Nínú píksẹ́lì 11 tó tẹ̀ léra, iye tí àwọn kan fi ju ìpíndọ́gba lọ àti iye tí àwọn yòókù fi dín ń pa ara wọn rẹ́. Bí a bá ka 10, ọ̀kan péré ló ṣẹ́ kù níta, ipa rẹ̀ nìkan ló sì hàn, lẹ́yìn tí a ti pín in sí 10. Ìlà tó fi 50 yàtọ̀ sí ìpíndọ́gba á wá fi 5 péré yàtọ̀ sí i. Èyí kò tíì pa rẹ́: a lè fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, kó padà di 50. Ṣùgbọ́n bí èérí tó wà nínú irú ìlà bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 2, òun náà á di 20. Bí ipa ìgbọ̀n bá sọ nǹkan di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, èérí á bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ìdáhùn Norbert Wiener, nínú ìwé rẹ̀ ti 1949, ni pé kí a wọn agbára ohun tí à ń wá mọ́ agbára èérí, kí a sì fọwọ́ sílẹ̀ níbi tí èérí ti borí. Àwòrán tó bá jáde á ṣì rí bàìbàì díẹ̀, àmọ́ kò purọ́. Lóòótọ́, ọwọ́ èèyàn kì í sábà lọ tààrà. Ó máa ń wọ́, ó sì máa ń ṣẹ́ kọ́nà. Nítorí èyí, ibi tí nǹkan ti pa rẹ́ pátápátá lè dín kù, ṣùgbọ́n ibi tó ti rẹlẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kì í wọ́n.

Nígbà tí a kò mọ ipa ìgbọ̀n

Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, a mọ k. Ẹni tó ya àwòrán kò mọ̀ ọ́n. Ní 2009, Levin, Weiss, Durand àti Freeman ṣàlàyé ìdí tí wíwá x àti k pa pọ̀ fi máa ń ṣini lọ́nà. Ìṣirò náà fẹ́ràn àwòrán tí ìyàtọ̀ àárín píksẹ́lì rẹ̀ kéré, bàìbàì sì ti dín ìyàtọ̀ wọ̀nyẹn kù. Ìdáhùn tó sábà máa ń mú wá ni pé ọwọ́ kò gbọ̀n rárá. Ohun tó sàn jù ni kí a kọ́kọ́ wá k nìkan, nítorí pé nọ́ńbà inú rẹ̀ kéré gan-an sí iye píksẹ́lì àwòrán, kí a gbé ọ̀pọ̀ x tó ṣeé ṣe yẹ̀ wò lápapọ̀, kí a tó wá fi k náà tú àdàlù.

Síbẹ̀, k kan lè má tó àwòrán kan. Bí ọrùn ọwọ́ bá yí kámẹ́rà bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́, àárín àwòrán kò ní fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan, igun rẹ̀ á sì rìn jìnnà. Iná òpópónà inú àwòrán alẹ́ máa ń tú àṣírí èyí: bí ipa tí iná fà ní igun òsì bá yàtọ̀ sí ti ọ̀tún, k kan kò lè tú méjèèjì. Whyte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ìyípo kámẹ́rà ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn ní 2010 nítorí ìṣòro yìí. Iná kan náà sì ń fa wàhálà mìíràn, torí pé bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá ti dé 255, kámẹ́rà á gé e síbẹ̀, ìlà ìṣirò wa kò sì ní jóòótọ́ mọ́. Òrùka òjìji tó yí irú iná bẹ́ẹ̀ ká lẹ́yìn ìtú-àdàlù ni àmì rẹ̀.

Kí ni ẹ̀rí?

Àwọn kan á ní ká fi k tún da àwòrán tí a tú lù: bó bá padà di y, a jẹ́ pé òtítọ́ ni. Ìdánwò yìí lè dá èké mọ̀, kò lè fi òtítọ́ múlẹ̀. Ògiri eérú àti ògiri ìlà máa yege nínú rẹ̀ bákan náà. Àwọn mìíràn á ní ìmọ̀ nípa bí àwòrán ṣe sábà máa ń rí lè dí àlàfo náà. Òótọ́ ni pé ó lè dí i, ṣùgbọ́n bí ògiri ṣe sábà máa ń rí ni ìmọ̀ náà ń sọ, kì í ṣe bí ògiri yìí ṣe rí.

Àwọn tó tẹ̀ síwájú jù lórí ọ̀rọ̀ yìí, bí a ṣe ń ya àwòrán ni wọ́n yí padà. Ní 2006, Raskar, Agrawal àti Tumblin ń ṣí ṣọ́tà, wọ́n ń pa á dé léraléra nínú ìyàwòrán kan ṣoṣo, ní ìtò tí wọ́n yàn kí ohunkóhun má bàa pa rẹ́ pátápátá. Nǹkan tó ń sáré ni wọ́n ń yà, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n sì fi san án. Ní 2007, Yuan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so àwòrán méjì tí a fọwọ́ mú pọ̀: ọ̀kan bàìbàì, èkejì yára ṣùgbọ́n ó kún fún èérí. Ohun tí ọ̀nà méjèèjì fi jọra ni pé wọ́n kó ẹ̀rí jọ kí ó tó sọnù.

Àgbálọgbábọ̀

Fún àwòrán ìrántí, kò burú kí ìṣirò fi àbá dí àlàfo. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá gbé nọ́ńbà ọkọ̀ tàbí ojú ènìyàn tí a tú látinú àwòrán bàìbàì wá sí ilé ẹjọ́, kí adájọ́ kọ́kọ́ béèrè ipa ìgbọ̀n tí wọ́n lò, kí ó sì béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń tọ́ka sí wà níbi tí ipa náà ti pa nǹkan rẹ́. Bó bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí.