Ọdún Mẹ́ta Tí Wọ́n Ń Pè Ní 2023: Ọjọ́ Ìparí Ìwé Ìṣirò àti Ìfiwéra Ilé-iṣẹ́

Guinness Nigeria kéde àdánù tó lé ní bílíọ̀nù 18 náírà fún ọdún 2023. Nigerian Breweries, tí òun náà ń pọn bíà, kéde nǹkan bíi bílíọ̀nù 106. PZ Cussons Nigeria tó ń ṣe ọṣẹ ní tirẹ̀ jèrè. Ẹni tó bá to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìlà kan lè sọ pé ọlọ́ṣẹ gbọ́n ju àwọn ọlọ́tí lọ. Lójú tèmi, ìdájọ́ yẹn kò tíì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí ọdún mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń pè ní 2023.

Ní ọdún 2023, ìwé PZ ń parí ní 31 oṣù Karùn-ún, ti Guinness ní 30 oṣù Kẹfà, ti Nigerian Breweries ní 31 oṣù Kejìlá. Ọjọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ òbí wọn lókè òkun ń lò nígbà náà ni wọ́n jogún, kò sí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 14 oṣù Kẹfà 2023, Báńkì Àpapọ̀ pa àwọn ojú ọjà tí wọ́n ti ń ṣẹ́ owó òkèèrè pọ̀ sí ẹyọ kan, ó sì jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà. Dọ́là kan tó ń jẹ́ nǹkan bíi 470 náírà tó nǹkan bíi 750 kí oṣù náà tó parí, ó sì dé nǹkan bíi 900 ní ìparí ọdún. PZ ti pa ìwé tirẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló wọ inú ìwé Guinness, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà ààbọ̀ ló wọ ti Nigerian Breweries. Lóòótọ́, Nigerian Breweries tóbi ju Guinness lọ, nítorí náà ọjọ́ nìkan kò lè ṣàlàyé gbogbo ìyàtọ̀ náà.

Kí a lè rí ipa ọjọ́ nìkan, ẹ jẹ́ kí a gbé ilé-iṣẹ́ mẹ́ta kalẹ̀ tí wọn kò yàtọ̀ síra rárá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan yá mílíọ̀nù 10 dọ́là ní oṣù Kìíní 2023, nígbà tí dọ́là jẹ́ 460. Gbèsè náà jẹ́ bílíọ̀nù 4.6 náírà. Ìlànà ìṣirò àgbáyé tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ IAS 21 ní kí a fi iye dọ́là ọjọ́ tí ìwé parí ṣírò gbèsè tí a kò tíì san, kí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì wọ inú èrè tàbí àdánù, bí a kò tilẹ̀ tíì san kọ́bọ̀. Ẹni tó parí ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí dọ́là wà ní 465, yóò kọ àdánù mílíọ̀nù 50. Ti oṣù Kẹfà, ní 750, yóò kọ bílíọ̀nù 2.9. Ti oṣù Kejìlá, ní 900, yóò kọ bílíọ̀nù 4.4. Gbèsè kan náà ni, olówó kan náà ni.

Ẹni àkọ́kọ́ kò lè sọ pé ìwé òun kò tíì jáde, kí ó padà lọ tún un ṣe. IAS 10 sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ ìparí báyìí kì í yí nọ́ńbà padà. Àlàyé nìkan ni a ó fi kún un. Ẹ̀yìn ìwé, níbi tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í dé, ni irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ń wà.

Báwo ni a ṣe lè mú ilé-iṣẹ́ oṣù Kẹfà bá ti oṣù Kejìlá dọ́gba? Àwọn kan máa ń mú ìdajì ọdún kan, wọ́n á fi ìdajì ọdún tó tẹ̀ lé e kún un. Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà nígbà tí nǹkan ńlá bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún. Ní ìparí oṣù Kẹfà 2024, dọ́là ti tó 1,500, nítorí náà ilé-iṣẹ́ kejì wa yóò kọ àdánù bílíọ̀nù 7.5 mìíràn. Ìdajì 2.9 àti ìdajì 7.5 jẹ́ 5.2, bẹ́ẹ̀ 4.4 ni ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an láti oṣù Kìíní dé oṣù Kejìlá 2023.

Ohun tó tọ́ ni kí a mú ìwé ọdún tó parí ní oṣù Kẹfà 2023, kí a yọ oṣù mẹ́fà tó parí ní oṣù Kejìlá 2022 kúrò, kí a sì fi oṣù mẹ́fà tó parí ní oṣù Kejìlá 2023 rọ́pò rẹ̀. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà lọ́jà ìpín-ìdókòwò ń gbé ìròyìn jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn ayẹ̀wé-owó-wò kì í sábà yẹ ìròyìn àárín ọdún wò. Àtúnṣe tí wọ́n bá ní kí a ṣe ní ìparí ọdún yóò wá di ẹrù oṣù mẹ́fà tó kẹ́yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ni díẹ̀ nínú rẹ̀. Ti gbèsè àti ọjà inú ilé ìpamọ́ kò sì gba àròpọ̀ tàbí àyọkúrò rárá, nítorí ọjọ́ kan ṣoṣo ni nọ́ńbà wọn ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé 31 oṣù Kejìlá ni kí a ṣí fún àwọn méjèèjì.

Àwọn báńkì wa ti la irú èyí kọjá. Tẹ́lẹ̀, kálukú ló ń parí ọdún nígbà tó wù ú, wọ́n sì fura pé báńkì ń yá ara wọn lówó láti fi ṣe ìwé lọ́ṣọ̀ọ́ nígbà tí ọjọ́ ẹnìkan bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Báńkì Àpapọ̀ fi gbogbo wọn sórí 31 oṣù Kejìlá láti ọdún 2009. First Bank, tí oṣù Kẹta jẹ́ ìparí ọdún rẹ̀, wá gbé ìwé oṣù mẹ́sàn-án jáde nígbà náà. Ẹni tó bá fi èrè oṣù mẹ́sàn-án yẹn wé èrè oṣù méjìlá tó ṣáájú rẹ̀, kò ní mọ̀ bóyá báńkì náà rẹ̀yìn tàbí pé oṣù ni kò pé.